Nígbà tí gbogbo iye inú àkópọ̀ ojoojúmọ́ bá jẹ́ 0: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ètò kan ń ṣe iṣẹ́ lóru, ó sì ń fi àkópọ̀ iṣẹ́ náà ránṣẹ́ ní ímeèlì láàárọ̀. Gbogbo iye tó wà nínú àkópọ̀ òní ló jẹ́ 0. Kí ló tún kù tí a lè kọ síbẹ̀?

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ló kù. 0 lè gba ọ̀nà méjì wá, ọ̀nà méjèèjì kò sì jọra rárá. Ó lè jẹ́ pé ètò náà wo gbogbo ibi tó yẹ kó wò, tí kò sì sí nǹkan tuntun níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ètò náà kò rí ibi tó yẹ kó wò, nítorí náà kò sí ohun tó lè kà. Lójú ẹni tó ń ka ímeèlì láàárọ̀, méjèèjì jọra bí ìbejì: rí 0, wọlé 0, àṣìṣe 0.

Àkópọ̀ tó dára gbọ́dọ̀ ní iye kan tàbí méjì tí kì í jẹ́ 0 ní ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́, bí gbogbo nǹkan bá wà ní ipò rẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi lórí iye kọ̀ọ̀kan kí n tó fi sí i: bí ojú ètò yìí bá fọ́ lóru òní, ṣé iye yìí á yàtọ̀? Bí kò bá ní yàtọ̀, kò lè jẹ́rìí fún 0.

Ṣé kò ní sàn kí a má fi ránṣẹ́ rárá ní ọjọ́ tí kò bá sí nǹkan?

Rárá. Bí a bá dákẹ́ ní ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn á dà bí ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀rọ kú, tàbí ọjọ́ tí ẹnì kan pa ìlà iṣẹ́ náà rẹ́ nínú `crontab`, àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ tí `cron` máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àkókò wọn. `cron` fúnra rẹ̀ kì í fi ímeèlì ránṣẹ́ bí iṣẹ́ kò bá tẹ ohunkóhun jáde, kódà bí iṣẹ́ náà bá kùnà. Ẹ fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ kàn jẹ́ kó kúrú.

Ṣé ẹ ti rí i kí 0 tan èèyàn jẹ rí?

Ó tàn mí jẹ. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tó máa ń jí ní aago 02:00 lóru, tó máa ń kó fáìlì ẹ̀sùn àwọn oníbàárà láti inú fódà `/data/wole` sínú dátábéèsì. Ẹ̀sùn kan, fáìlì kan. Fódà náà kò sí lórí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ náà wà. Orí ẹ̀rọ mìíràn ló wà, a kàn so ó mọ́ tiwa. Fáìlì mẹ́ta ló máa ń wọlé lójúmọ́ bí a bá pín in dọ́gba. Ọjọ́ mìíràn á mú méje wá, ọjọ́ mìíràn kò ní mú ẹyọ kan. Nítorí náà, 0 kì í ṣe ohun àjèjì sí wa.

Ní ọjọ́ kan, ẹ̀rọ wa tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìtúnṣe kan, ìsopọ̀ yẹn kò sì padà wá. Ibi tí a máa ń so fódà náà mọ́ ṣì wà lórí dísìkì tiwa, ó ṣófo ni. Ètò náà wọ inú rẹ̀, ó wá fáìlì, kò rí ìkankan, ó sì jáde láìṣe àṣìṣe. Àkópọ̀ tó wá láàárọ̀ nìyí:

```
Rí: 0
Wọlé: 0
Àṣìṣe: 0
```

Ọjọ́ mẹ́rin ni irú ímeèlì yìí fi wá léraléra. Mo kà á lọ́jọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì rò pé àwọn oníbàárà ní ìtẹ́lọ́rùn. Ní ọjọ́ karùn-ún, obìnrin kan pè láti béèrè ìdí tí a kò fi dá òun lóhùn. Nígbà tí a wo orí ẹ̀rọ kejì, fáìlì 14 ló ti ń dúró níbẹ̀. Èèyàn 14 ló ti kọ̀wé sí wa tí wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dùn mí gan-an, torí pé kò sí irọ́ kankan nínú ímeèlì yẹn. Gbogbo iye inú rẹ̀ ló tọ̀nà.

Iye wo ló yẹ kó ṣáájú, nígbà náà?

Iye ibi tí ètò náà wò, pẹ̀lú iye ibi tó yẹ kó wò. «Fódà tó ṣí: 3 nínú 3» sọ ohun tí «Rí: 0» kò lè sọ. Nọ́ńbà kejì yìí, 3 tó wà lẹ́yìn «nínú», gbọ́dọ̀ wá láti inú àkọsílẹ̀ tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Bí ètò náà bá lọ ka fódà tó bá níwájú rẹ̀, tó sì fi iye yẹn ṣe ohun tó ń retí, ọjọ́ tí fódà kan bá sọnù, á kọ «2 nínú 2», ọkàn wa á sì balẹ̀ lásán.

Irú ibi tí a ń wò ló máa sọ ohun tí a ó kà. Bó bá jẹ́ fódà, ẹ ka iye tó ṣí. Bó bá jẹ́ àtẹ nínú dátábéèsì, ẹ kọ iye gbogbo ìlà tó wà nínú àtẹ náà, kì í ṣe ti òní nìkan. Àtẹ tó ní ìlà 1,236 lánàá tó sì tún ní 1,236 lónìí ti fi hàn pé ètò náà dé ibẹ̀, ó sì kà á. Àtẹ tó di 0 láàárín òru kan ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo fẹ́ràn kí iye àná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní, torí pé kò sí ẹni tó máa ń rántí pé 1,236 ni lánàá.

Bí fódà bá ṣí ṣùgbọ́n tó jẹ́ fódà mìíràn ló ṣí ńkọ́?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn. Fódà `/data/wole` ṣí, ṣùgbọ́n ti orí dísìkì wa ni. Àtúnṣe méjì la ṣe sí i.

Èkíní ni pé kí ètò náà kọ́kọ́ béèrè bóyá ìsopọ̀ wà, kó tó ka ohunkóhun. Lórí Linux, àṣẹ kékeré kan wà fún un:

```
mountpoint -q /data/wole || echo "ìsopọ̀ kò sí"
```

Èkejì ni èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù: fáìlì ẹlẹ́rìí. A fi fáìlì kékeré kan sínú fódà kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ kejì, a sọ ọ́ ní `ELERII.txt`, a kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó o kúrò. Ní òru kọ̀ọ̀kan, ètò náà gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà tó ń gbà rí fáìlì ẹ̀sùn láti rí ẹlẹ́rìí yìí: àṣẹ ìwákiri kan náà, orúkọ aṣàmúlò kan náà. Ó máa ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀, kì í kó o wọ dátábéèsì, ṣùgbọ́n ó máa ń kà á. Fódà òfìfo tó wà lórí dísìkì wa kò ní ẹlẹ́rìí. Bí ìyọ̀ǹda láti ka fódà náà bá bọ́ lọ́wọ́ wa, a kò ní rí ẹlẹ́rìí. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì yí ìwákiri padà láti `*.txt` sí `*.csv`, a kò ní rí ẹlẹ́rìí. Nọ́ńbà kan ló ká gbogbo ìwọ̀nyí mọ́.

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ fáìlì sínú fódà náà ni nǹkan ti bàjẹ́, ẹlẹ́rìí á ṣì wà níbẹ̀, a ó sì rí i. Ohun tó jẹ́rìí sí ni pé ojú wa ń ríran. Kò lè jẹ́rìí pé ẹni tó yẹ kó wá ti wá.

Kí ló dé tí iye àṣìṣe fi máa ń jẹ́ 0 nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́?

Nítorí pé àṣìṣe tí ètò kà nìkan ló ń kọ, ọ̀pọ̀ àṣìṣe sì máa ń rì sínú ọ̀nà tí a gbà kọ ètò náà. Ẹ wo ìlà yìí, mo ti bá a pàdé nínú ètò tó pọ̀:

```
ls /data/wole/*.txt 2>/dev/null | wc -l
```

Bí fódà náà bá ṣófo, á tẹ 0. Bí fódà náà kò bá sí láyé, á tẹ 0. Bí a kò bá ní ìyọ̀ǹda láti kà á, 0 náà ni. `2>/dev/null` ti gbé ọ̀rọ̀ àṣìṣe sọnù, àmì `|` sì mú kí ìkarahun, ètò tó ń gba àṣẹ wa, máa fi ìyọrísí `wc` nìkan ṣe ìyọrísí gbogbo ìlà náà. Kò sì sí ohun tó ń mú `wc` kùnà níbí: ó ka ohun tí a gbé fún un, ó rí òfo, ó tẹ 0.

Nínú `bash`, ẹ kọ `set -o pipefail` sókè ètò, kí ìkùnà àṣẹ èyíkéyìí nínú ìlà náà lè hàn, kí ẹ sì fi `find` rọ́pò `ls`:

```
set -o pipefail
n=$(find /data/wole -name '*.txt' | wc -l) || n="kò mọ̀"
```

`find` kì í ka fódà òfìfo sí àṣìṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń kùnà bí fódà kò bá sí tàbí bí kò bá lè wọ inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí à ń wá nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún `grep -c` pẹ̀lú: bí kò bá rí nǹkan, ó máa ń tẹ 0, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìjáde rẹ̀ á jẹ́ 1, bí ẹni pé ó kùnà. Bí àṣìṣe gidi bá wà, 2 ló máa ń jẹ́. Ẹni tó bá ka 1 sí àṣìṣe á máa gba ìkìlọ̀ asán, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi pa gbogbo ìkìlọ̀ náà.

«Kò mọ̀» tí ẹ kọ yẹn, ṣé ó yàtọ̀ sí 0 ni?

Ó yàtọ̀ púpọ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jiyàn jù. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀. 0 túmọ̀ sí pé a kà á, kò sí ìkankan. «Kò sí» túmọ̀ sí pé ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn lónìí, bí ìgbà tí a béèrè àkókò ẹ̀sùn tó kẹ́yìn lọ́jọ́ tí ẹ̀sùn kankan kò wọlé. «Kò mọ̀» túmọ̀ sí pé a kò lè kà á.

Dátábéèsì fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ àwọn méjì àkọ́kọ́. Ẹ béèrè èyí lọ́jọ́ tí kò sí ìlà kankan:

```
SELECT COUNT(*), SUM(iye_owo), MAX(akoko)
FROM esun WHERE ojo = '2025-03-11';
```

`COUNT` á dá 0 padà, ṣùgbọ́n `SUM` àti `MAX` á dá `NULL` padà. Ọ̀pọ̀ ètò ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá dúró lójijì ní òru àkọ́kọ́ tí kò sí iṣẹ́, torí pé ẹni tó kọ ọ́ kò dán an wò lórí òfo rí. Fún àpapọ̀ owó, kò sí ohun tó burú nínú `COALESCE(SUM(iye_owo), 0)`, nítorí pé owó ẹ̀sùn tí kò sí jẹ́ 0 lóòótọ́. Fún àkókò tó kẹ́yìn, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àkókò kò ní 0. Ọ̀pọ̀ ètò á sọ ọ́ di 1970-01-01, ẹni tó bá kà á á sì máa wá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1970.

Bí ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ bá kùnà, bóyá ìsopọ̀ sí dátábéèsì já, «kò mọ̀» ni kí ẹ kọ. Kí iye kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi «kò mọ̀» nínú ètò, kó sì di nọ́ńbà lẹ́yìn tí a bá kà á tán nìkan. Àwọn tó máa ń kọ `n=0` sókè ètò ti fi irọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ tí ètò náà bá dá dúró lágbede méjì.

Ṣé dandan ni kí àkókò wà níbẹ̀?

Dandan ni, kí ó sì jẹ́ sáà tí a kà, láti ìgbà wo sí ìgbà wo, pẹ̀lú àmì agbègbè àkókò rẹ̀. «Àná» kò tó. Mo ti rí iṣẹ́ tó ń ṣírò ọjọ́ ní UTC nígbà tí fáìlì ń jẹ́ orúkọ ọjọ́ ibi tí wọ́n ti kọ ọ́; wákàtí díẹ̀ ló wà láàárín wọn, ìyẹn sì tó kí ètò máa wá fáìlì ọjọ́ tí kò tíì pé. 0 ló ń rí lóròòru. Bí a bá kọ sáà náà ní kíkún, ẹni tó ń kà á lè rí àṣìṣe yìí ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ tún wò ó bóyá ìparí sáà àná bá ìbẹ̀rẹ̀ sáà òní mu. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, ohun tó bọ́ sínú àlàfo yẹn kò ní hàn nínú àkópọ̀ kankan.

Ọjọ́ mélòó ni 0 lè tẹ̀ léra kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fura?

Iye tó máa ń wọlé lójúmọ́ ló máa sọ. Bí àwọn ẹ̀sùn bá ń wá láìsí àsopọ̀ láàárín wọn, ìṣirò kan tó rọrùn wà tí wọ́n fi orúkọ Poisson pè: bí ìpíndọ́gba ọjọ́ kan bá jẹ́ λ, ṣíṣeéṣe pé kí ọjọ́ kan jẹ́ 0 ni e^(−λ). Tiwa jẹ́ 3, nítorí náà ọjọ́ òfo kan jẹ́ nǹkan bí 5 nínú 100. Ìyẹn ni pé nínú ogún ọjọ́, ọ̀kan á rí bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kó dẹ́rù bani. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra jẹ́ nǹkan bí 1 nínú 400. Ọjọ́ mẹ́rin, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí wa, jẹ́ nǹkan bí 6 nínú mílíọ̀nù kan. Bí mo bá ti rí «òdo tó tẹ̀ léra: 2» nínú ímeèlì yẹn, ǹ bá ti dìde ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Iṣẹ́ tó ń gba 10 lójúmọ́ kò yẹ kó ní ọjọ́ òfo rárá, kí ó kìlọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Iṣẹ́ tó ń gba ẹyọ kan lọ́sẹ̀ lè ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì láìṣe nǹkan kan. Ìṣirò yìí kò bá ibi tí ọjọ́ kò dọ́gba mu, bí ibi tí kò sí iṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Níbẹ̀, ẹ fi Àìkú wé Àìkú, kí ẹ sì fi Ajé wé Ajé.

Báwo wá ni odindi àkópọ̀ ọjọ́ òfo ṣe yẹ kó rí?

Èyí ni tiwa báyìí tí a ń wo fódà mẹ́ta; `ko-esun` ni orúkọ iṣẹ́ náà. Ó wọ ojú fóònù láìfà á sókè:

```
ko-esun, ìgbà 412
Sáà: 2025-03-11 00:00 sí 2025-03-12 00:00 UTC
Bẹ̀rẹ̀ 02:00:04, parí 02:00:06
Fódà tó ṣí: 3 nínú 3
Ẹlẹ́rìí: 3 nínú 3
Fáìlì tuntun: 0
Wọlé 0 + fò 0 + kùnà 0 = 0
Nínú àtẹ: 1,236 (àná 1,236)
Ẹ̀sùn tó kẹ́yìn: 2025-03-10 16:42 UTC
Òdo tó tẹ̀ léra: 1
```

Nọ́ńbà ìgbà, 412, máa ń fi ọ̀kan kún ara rẹ̀ lóròòru. Bí 412 bá tẹ̀ lé 410, òru kan ti sọnù. Àkókò tó gbà, ìṣẹ́jú àáyá méjì, wúlò ju bí ó ṣe rí lọ: bí ó bá sábà máa ń gba méjì kódà lọ́jọ́ òfo, ọjọ́ tó bá parí láàárín ojú kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò ṣe nǹkan kan. Ìlà ìròpọ̀ kò níṣẹ́ púpọ̀ lọ́jọ́ òfo, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí àkópọ̀ má baà máa yí ìrísí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ojú tó mọ ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan máa ń wà yára rí èyí tó yàtọ̀.

Kí ni kí a yọ kúrò?

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. 0 nínú 0 kò ní ìdá. Ètò kan á kọ 0%, bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ kùnà. Òmíràn á kọ 100%, bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ yọrí sí rere. Òmíràn á kú nítorí pé ó fi 0 pín nǹkan. Ìpíndọ́gba àkókò fún fáìlì kan náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ «kò sí».

Kí ni kí a kọ sórí àkọlé ímeèlì náà?

Ìdájọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà tó gbè é lẹ́sẹ̀. «ko-esun: 0 tuntun, ẹlẹ́rìí 3/3» tó fún ọ̀pọ̀ àárọ̀, a kò tilẹ̀ ní ṣí i. Bí ẹlẹ́rìí bá dín, kí àkọlé yí padà pátápátá: «ko-esun: KÒ MỌ̀, ẹlẹ́rìí 2/3». Ẹ má kọ «ó yọrí sí rere» sórí rẹ̀ nítorí pé nọ́ńbà ìjáde jẹ́ 0. Ti òru mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn náà jẹ́ 0.

Bí ímeèlì náà kò bá wá rárá ńkọ́?

Ojú èèyàn kì í tètè rí ohun tí kò wá, pàápàá bí ímeèlì ogún bá ń wá láàárọ̀ kan náà. Ẹ gbé iṣẹ́ yẹn fún ẹ̀rọ mìíràn, tí kì í ṣe èyí tí iṣẹ́ náà wà lórí rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, kó kọ àkókò ìparí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn á máa wò ó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí àkókò tó wà níbẹ̀ bá ti ju wákàtí 26 lọ, kó pariwo. Mo fi méjì kún 24 kí òru tí iṣẹ́ bá pẹ́ díẹ̀ má baà jí ẹnikẹ́ni lásán.